Ìràwọ̀ Kì Í Wo Àìsàn

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn aláìsàn ń kọ nípa kílíníìkì sórí Google àti Yelp ṣe rí. Gbogbo wọn ló tò sójú kan náà, tí wọ́n gbé ìràwọ̀ kan tàbí ìràwọ̀ márùn-ún sórí. Ẹni tó ń bínú nítorí pé ó jókòó pẹ́, àti ẹni tí oògùn ṣe ní jàǹbá, ohùn kan náà ni wọ́n fi ń pariwo. Òǹkàwé tí kò bá fara balẹ̀ kò ní mọ èyí tí inú ń run nínú wọn.

Àṣà kan ti gbilẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Canarsie àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ní Brooklyn, a kò sì lè dákẹ́ lé e lórí mọ́. Ẹnì kan á ka ìlà mẹ́ta lórí fóònù rẹ̀ nígbà tó ń retí ọkọ̀ ní Rockaway Parkway. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp: “Ẹ má dé ibẹ̀ yẹn o, wọ́n ń pa ènìyàn níbẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn á tún sọ pé: “Ẹ lọ bá dókítà báyìí báyìí, ẹnu rẹ̀ dùn, ẹnì kan kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìgba oògùn.” Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni a lòdì sí. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń pinnu ibi tí aboyún wa yóò ti forúkọ sílẹ̀, òun ló sì ń pinnu ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé. Ó yẹ kí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ní ìpìlẹ̀.

Ohun tí a ń sọ kò le. Oríṣi ẹjọ́ méjì ló wà nínú àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí. Èkíní ni bí wọ́n ṣe gba aláìsàn lálejò: bó ṣe jókòó pẹ́ tó, bí wọ́n ṣe dá a lóhùn, bí ibẹ̀ ṣe mọ́ tó, iye tí wọ́n ní kó san. Èkejì ni ohun tí ìtọ́jú ṣe sí ara rẹ̀: ó sàn, kò sàn, ó burú sí i. Lórí èkíní, aláìsàn ni ẹlẹ́rìí tó dára jù lọ láyé, nítorí òun ló jókòó síbẹ̀, òun ló ń wo aago. Lórí èkejì, ó lè jẹ́rìí sí ohun tí ara rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi ojú lásán mọ ohun tó fà á. Ẹni tí orí ń fọ́ mọ̀ pé orí ń fọ́ òun. Bóyá oògùn ló fà á, bóyá àìsàn náà ni, bóyá àìsùn ni, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń mọ̀ nípa kíkọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Àwa fúnra wa la kọ ọ́, a kò fi bá kílíníìkì kankan wí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti ka irú rẹ̀ rí yóò mọ̀ pé báyìí gan-an ni wọ́n ń rí:

“Ìràwọ̀ kan. Àwọn ènìyàn yìí fẹ́ pa ìyá mi. Wákàtí méjì la fi jókòó kí wọ́n tó pè wá. Wọ́n fún màmá ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó kó ikọ́ sí i lára, kò rí oorun sùn fún oṣù kan. A pè wọ́n títí, ẹnì kankan kò gbé fóònù. Dókítà mìíràn ní Flatbush ló yí oògùn náà padà, ikọ́ sì lọ.”

Ẹni tó bá yára kà á yóò gbọ́ “fẹ́ pa ìyá mi”, yóò sì sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó jọ èkejì.

“Wákàtí méjì” jẹ́ ẹjọ́ ìgbàlejò. Òótọ́ ni, a gbà á gbọ́, ó sì yẹ kí kílíníìkì náà tijú. Ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún wa nípa bóyá dókítà ibẹ̀ mọṣẹ́ tàbí kò mọ̀ ọ́n.

“Oògùn tó kó ikọ́ sí i lára” jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwòsàn, ibí yìí ni ìmọ̀ ti ń wúlò. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí wọ́n ń pè ní lísínópíríìlì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ikọ́ gbígbẹ jẹ́ ohun tí gbogbo oníṣègùn mọ̀ mọ́ ọn. Nínú 100 ènìyàn tó ń lò ó, láti bí 5 títí dé 20 lè bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè pẹ́ tó oṣù kí ó tó yọjú. Bí wọ́n bá dá oògùn náà dúró, ó sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin. Oògùn mìíràn, bíi lósátáànì, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà láìfi bẹ́ẹ̀ fa ikọ́. Nítorí náà, pé màmá wúkọ́ kò fi hàn pé dókítà àkọ́kọ́ ṣi iṣẹ́ ṣe. Pé ikọ́ lọ ní Flatbush kò sì fi hàn pé ti Flatbush mọṣẹ́ jù ú lọ. Ẹni kejì ní ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kò ní: ó ti mọ̀ pé ikọ́ ti dé.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí fojú kéré oògùn yìí. Ẹgbẹ́ lísínópíríìlì kan náà lè mú kí ètè, ahọ́n tàbí ojú wú, ìyẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń jókòó kọ àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀. 911 là ń pè lójú ẹsẹ̀, nítorí ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun.

“A pè wọ́n títí, ẹnì kankan kò gbé fóònù.” Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wúwo jù nínú gbogbo àkọsílẹ̀ náà, òun sì ni àwọn ènìyàn wa máa ń fò kọjá. Ó jọ ẹjọ́ ìgbàlejò, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ni, ó kàn wọ aṣọ ìgbàlejò ni. Dókítà tó fún ènìyàn ní oògùn tó lè fa ikọ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí aláìsàn yóò gbà sọ fún un pé ikọ́ ti dé. Bí ọ̀nà náà bá dí, oògùn tó dára á di ìyà oṣù kan. Èyí tó burú jù ni pé aláìsàn lè dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ̀jẹ̀ máa ru sókè láìmọ̀ títí tí yóò fi di rọpárọsẹ̀.

Àwọn ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ máa wá bí ẹni wá owó tó sọnù: wọn kò fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́, wọn kò rí ìwé tí ilé ìwòsàn ńlá kọ sí wọn, mo sọ fún wọn pé orí ń fọ́ mi, ojú mi sì ń ṣú, mo sì wà nínú oyún, wọ́n ní kí n máa lọ ilé. Ìkẹyìn yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Orí fífọ́ àti ojú ṣíṣú nínú oyún lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru olóyún tó ń pa ìyá àti ọmọ. Ẹni tó bá kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìwòsàn, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kẹrin, “wọ́n fẹ́ pa ìyá mi.” Ìbínú ni. A bá a kẹ́dùn, a sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Ẹ wo ìyàtọ̀ mìíràn láàárín oríṣi méjèèjì. Kílíníìkì tó bá ń rí 60 aláìsàn lóòjọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, ti gba ìbẹ̀wò 15,000 lọ́dún kan. Bí ó bá ní àkọsílẹ̀ 40 ní ọdún méjì, kò tó ẹyọ kan nínú ìbẹ̀wò 700. Bí 25 nínú 40 yẹn bá sọ pé wọn kì í gbé fóònù, tí wọ́n sì kọ ọ́ ní oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gbà á gbọ́, nítorí fóònù kan náà ni gbogbo wọn pè. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta bá sọ pé ìtọ́jú ibẹ̀ ba àwọn jẹ́, tí ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ orúnkún, ọ̀kan jẹ́ àtọ̀gbẹ, ọ̀kan jẹ́ ojú, a kò lè ro mẹ́ta yẹn pọ̀. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni, ara ọ̀tọ̀ ni, a kò sì mọ iye àwọn tó gba ìtọ́jú kan náà tí wọ́n sàn tí wọn kò kọ nǹkan kan.

A ti sọ̀rọ̀ nípa èébú, ó yá kí a sọ̀rọ̀ nípa ìyìn, nítorí ìyìn tún léwu ju èébú lọ. Ẹ gbọ́ èyí tí àwọn ìyá ọmọ wa máa ń kọ: “Ìràwọ̀ márùn-ún! Ọmọ mi ní ọ̀fìnkìn, dókítà fún un ní àǹtíbáyọ́tíìkì lójú ẹsẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi sàn.” Ọ̀fìnkìn, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, àǹtíbáyọ́tíìkì kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ọ̀fìnkìn máa ń lọ fúnra rẹ̀, yálà ènìyàn lo oògùn tàbí kò lò ó. Oògùn náà lè fa ìgbẹ́ gbuuru, ó sì ń kọ́ àwọn kòkòrò mìíràn bí wọn yóò ṣe gbójú mọ́ ọn lọ́jọ́ iwájú. Dókítà tó kọ̀ láti fún ọmọ náà ní oògùn, tó jókòó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, òun ló gba ìràwọ̀ kan: “Wọn kò fún wa ní nǹkan kan!” Nínú ẹjọ́ yìí, ẹni tó gba ìràwọ̀ kan ló ṣe ìṣègùn.

Kì í ṣe àròsọ tiwa nìkan. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí láti yunifásítì ìpínlẹ̀ California ní Davis tẹ ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà tó lé ní 50,000 ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn tí inú wọn dùn sí dókítà wọn jù lọ ná owó púpọ̀ sí i lórí oògùn, wọ́n sì wọ ilé ìwòsàn jù. Láàárín àwọn ọdún tí wọ́n fi tọpa wọn, ikú pọ̀ láàárín wọn ní ìwọ̀n 26 nínú 100 ju ti àwọn tí inú wọn kò dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé inú dídùn ló ń pa ènìyàn. Ìwádìí mìíràn ní ọdún 2013 tilẹ̀ rí i pé àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí ìràwọ̀ wọn pọ̀ lórí Yelp ní ikú díẹ̀ láti inú àìsàn ọkàn kan àti òtútù àyà. Ohun tí méjèèjì kọ́ wa ni pé okùn tó so inú dídùn mọ́ ìlera kò le tó ohun tí ènìyàn lè fi gun orí ọ̀pẹ.

Ìyìn mìíràn sì wà tí kì í ṣe aláìsàn ló kọ ọ́ rárá. Ní ọdún 2009, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York bá ilé iṣẹ́ kan tó ń fi iṣẹ́ abẹ na awọ ojú, Lifestyle Lift, parí ẹjọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń díbọ́n bí ẹni pé aláìsàn tí inú rẹ̀ dùn ni wọ́n, tí wọ́n ń kọ ìyìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dọ́là 300,000 ni ilé iṣẹ́ náà san. Ní ọdún 2013, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan náà díbọ́n bí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù yógọ́ọ̀tì ní Brooklyn wa níbí, wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ ìyìn èké. Ilé iṣẹ́ 19 ló kó sí wàhálà náà, tí wọ́n sì san owó ìtanràn tó lé ní dọ́là 350,000. Nítorí náà, bí ìyìn kan kò bá dárúkọ àìsàn, tí kò sọ ohun tí wọ́n ṣe, tí kò sọ iye ìgbà tó lọ, tó kàn ń wí pé “ibi tó dára jù lọ, òṣìṣẹ́ tó dára jù lọ”, ẹ má fi ìlera ìyá yín lé e lórí.

Àwọn kan á ní: “Kílíníìkì náà kò fèsì sí ẹ̀sùn yẹn, ó ti jẹ̀bi.” Rárá o. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn kò jẹ́ kí dókítà bọ́ sí gbangba láti sọ pé, “Mo fún ìyá rẹ ní oògùn yìí nítorí àìsàn báyìí.” Ní ọdún 2023, ilé ìtọ́jú ọpọlọ kan ní New Jersey san dọ́là 30,000 nítorí pé ó tú àṣírí aláìsàn nígbà tó ń dá ẹni tó bú u lóhùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí òfin pa lẹ́nu mọ́ kò gbọdọ̀ di ẹni tó jẹ̀bi lójú wa. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ojú ewé yẹn ń gbọ́.

Níbo wá ni a ó ti rí òótọ́ nípa ìwòsàn? New York ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tipẹ́. Láti ọdún 1989 ni ìpínlẹ̀ yìí ti ń gba àkọsílẹ̀ nípa gbogbo ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn láti la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, wọ́n tẹ iye ikú ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan jáde. Ìwé ìròyìn Newsday pe ìjọba lẹ́jọ́ kó tó rí ti oníṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan gbà ní ọdún 1991. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ìjọba kò kàn ka òkú. Wọ́n ṣírò ọjọ́ orí aláìsàn mọ́ ọn, bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe rí, àti bí ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ tó kó tó dé orí tábìlì. Dókítà tó bá ń gba àwọn tí àìsàn wọn ti le jù ni òkú rẹ̀ lè pọ̀, síbẹ̀ kó jẹ́ òun ló mọṣẹ́ jù. Bí ìjọba tó ní àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn lọ́wọ́ bá ní láti ṣe ìṣirò tó bẹ́ẹ̀, kí ni àwa fẹ́ fi ìlà mẹ́ta lórí fóònù mọ̀?

Fún kílíníìkì àdúgbò, ọ̀nà kan wà tí àwọn ènìyàn wa kì í sábà lò. Àwọn kílíníìkì tí ìjọba àpapọ̀ ń fún lówó láti tọ́jú gbogbo ènìyàn, yálà wọ́n ní ìnṣọ́ránsì tàbí wọn kò ní, gbọ́dọ̀ máa fi ìṣirò ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Orí data.hrsa.gov ni wọ́n ń kó o sí. Ẹ lè rí i níbẹ̀: nínú 100 aláìsàn wọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mélòó ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ sí abẹ́ 140 lórí 90? Nínú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, mélòó ni ìwọ̀n ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ṣì kọjá 9 nínú 100? Ti àkọ́kọ́ yẹ kó ga, ti èkejì yẹ kó kéré. Ẹ má gbàgbé ibi tí ìwọ̀n yìí mọ: gbogbo ẹ̀ka ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n rò pọ̀, kì í ṣe ti àdúgbò yín nìkan, dókítà aládàáni kò sì sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ó ń dáhùn ìbéèrè tí ìràwọ̀ kò lè dáhùn.

Fún dókítà kan pàtó, op.nysed.gov ni ẹ ti lè mọ̀ bóyá ó ní ìwé àṣẹ, nydoctorprofile.com sì ń sọ ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ àti bóyá wọ́n ti bá a wí lábẹ́ òfin rí. Bí orúkọ rẹ̀ bá mọ́ níbẹ̀, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di akọni. Ṣùgbọ́n bí orúkọ rẹ̀ kò bá mọ́, ẹ kà á dáadáa. Bí dókítà bá sì ṣe yín léṣe lóòótọ́, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwà àwọn oníṣègùn, OPMC, tí ẹ̀ka ètò ìlera ń darí. Wọ́n lè béèrè fáìlì aláìsàn lọ́wọ́ dókítà, kí wọ́n sì kà á. Google kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní a ń gbèjà àwọn kílíníìkì tó ń fojú tín-ínrín wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tó bá fi àwọ̀ ara wa tàbí bí a ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wọ́ wa nílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, ẹ fi lé ọ̀gá ibẹ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ ẹjọ́ ìwọ̀sí tó wúwo ni ẹ ń sọ di yẹpẹrẹ nígbà tí ẹ bá fi “wọ́n fẹ́ pa mí” dé e lórí. Ọ̀gá kílíníìkì á rí i pé kò sí ẹni tó kú, á sì da gbogbo rẹ̀ nù, tòun ti òótọ́ tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù ìdílé ni èyí. Kí ẹ tó fi àkọsílẹ̀ kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ béèrè pé: ìgbàlejò ni, àbí ìwòsàn, àbí ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀ ló dí? Bí ìgbàlejò bá ni, ẹ sọ pé ìgbàlejò ni. Bí ọ̀nà ló dí, ẹ pariwo rẹ̀ sókè. Bí ìwòsàn bá ni, ẹ béèrè àìsàn wo, oògùn wo, ọjọ́ mélòó, àti ohun tí kílíníìkì náà ṣe nígbà tí wọ́n sọ fún un. Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí ìwọ̀nyí kò tíì ní ìròyìn tó yẹ kó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.